Ìkápọ̀, ìfúnpọ̀ tàbí ìdínkù? Lórí fáìlì tó tóbi ju èyí tí ímeèlì ń gbà lọ

Olóòtú, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o. À ń kọ ìlànà fún àwọn tó ń fi ohùn ìjálá àti ẹkún ìyàwó ránṣẹ́ sí wa. Fáìlì WAV kan, ìṣẹ́jú 11 péré, wọn mẹ́gábáìtì 58, ímeèlì sì kọ̀ ọ́. Kí ni ká pe sísọ fáìlì di kékeré, ṣé ìfúnpọ̀ ni àbí ìdínkù? Kí ni ká pe ibi tí a ń kó o sí lórí ayélujára, àti ohun tí èèyàn ń tẹ̀ láti lọ bá a níbẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìfúnpọ̀ ti tó, òun ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi. Ẹ kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ fáìlì náà di zip, ó máa wọlé. Mo ní àkójọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, ọ̀rọ̀ lásán ni, kò sí àwòrán nínú rẹ̀. Mẹ́gábáìtì 30 ni, nígbà tí mo ṣe é tán, kò tó 8 mọ́. Ohùn náà kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín. "Fún" yẹn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí a bá fún ọsàn, omi rẹ̀ á jáde. Bí a bá fún aṣọ tí a fọ̀, omi á kán sílẹ̀, kò ní padà sínú aṣọ mọ́. Ṣùgbọ́n zip tí ẹ ń sọ yìí, ọmọ ọmọ mi ti fi hàn mí rí: ó tú u, gbogbo ohun tó kó sínú rẹ̀ sì pé. Ẹní ni a ń ká. Ẹni tó ká ẹní kò gé e, bó bá tún tẹ́ ẹ, ẹní rẹ̀ náà ni. Ìkápọ̀ ni kí ẹ pè é, kí ẹ sì pe ṣíṣí rẹ̀ ní títú.

Ẹni tó ń tọ́jú àkójọ ohùn, Èkó:
Ẹ kú alẹ́ sà. Ibi tí Bàbá fi ọwọ́ lé yìí gan-an ni mo rò pé ìlànà náà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń pè ní orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń ká fáìlì pọ̀, a sì lè tú u padà láìsí pé ẹyọ ohùn kan sọnù. Èkejì ń gé lára rẹ̀, ohun tó gé kò sì ní padà láéláé. Bí ìlànà bá sọ pé "ẹ fún fáìlì yín pọ̀", ẹni tó ní ohùn ìyá àgbà kan tó ti di olóògbé á sọ ọ́ di MP3, á pa WAV rẹ́ kí fóònù lè ní ààyè, á sì rò pé òun á tú u lọ́jọ́ mìíràn. Kò sí ohun tí yóò tú.

Àbúrò wa ní Ifẹ̀, òótọ́ lẹ sọ nípa ọ̀rọ̀ lásán. Zip ń wá ibi tí nǹkan ti tún ara rẹ̀ sọ, ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ sì kún fún àtúnsọ. Ohùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi WAV yẹn sínú zip, ẹ ó rí i pé díẹ̀ ló máa yọ lára rẹ̀. Fọ́tò JPEG, fídíò MP4 àti MP3 tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n ti dín wọn kù kí wọ́n tó dé ọwọ́ wa, kò sí ohun tó kù fún zip láti rí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ wo ìwọ̀n fáìlì kí ẹ tó ṣe é àti lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán. Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sí ìdí tí ẹ fi máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó wà fún ohùn ni FLAC. Òun máa ń mú ohùn wá sí nǹkan bí ìdajì, a sì lè tú u padà ní pípé. Ó tún ń kọ àmì ìdánimọ̀ ohùn náà sínú fáìlì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó gbà á lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà:

```
flac ijala.wav
flac -t ijala.flac
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó ń fi ránṣẹ́, ìkejì ni ti ẹni tó gbà á. Ṣùgbọ́n ìdajì 58 ṣì jẹ́ bíi 29, Gmail kì í sì í jẹ́ kí a so ju mẹ́gábáìtì 25 lọ mọ́ lẹ́tà kan. MP3 oníkílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á mú un wá sí bíi mẹ́gábáìtì 10 àti ààbọ̀, ìyẹn á wọlé dáadáa. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n fi MP3 ránṣẹ́ bí wọ́n bá kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ fún ìpamọ́, WAV tàbí FLAC ni, kí ó sì gba ọ̀nà ìjápọ̀, ìyẹn ohun tí èèyàn ń tẹ̀ láti lọ bá fáìlì níbi tó wà lórí ayélujára. Kí ìlànà pe ti FLAC àti zip ní ìkápọ̀, kó pe ti MP3 ní ìdínkù.

Ìyá Tóyìn, Ìlọrin:
Ẹ jọ̀ọ́, ó dà bíi pé ààyè ẹni náà ló kún. Gmail sọ fún mi pé mo ní gígábáìtì 15, báwo ni mẹ́gábáìtì 58 ṣe máa wá pọ̀ jù? Èmi náà ní irú ìṣòro yìí nígbà tí mo fẹ́ fi fídíò ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Mo sanwó fún ààyè sí i, síbẹ̀ kò gbà á.

Ẹni tó ń tọ́jú àkójọ ohùn, Èkó:
Mà, gígábáìtì 15 yẹn ni ti ibi ìpamọ́: lẹ́tà yín, Google Drive yín àti fọ́tò yín ló jọ ń pín in. Ìwọ̀n lẹ́tà kan ṣoṣo ni 25. Owó tí ẹ san fi kún ibi ìpamọ́, kò kan lẹ́tà rárá. Ẹ wá lo ààyè tí ẹ rà náà: ẹ gbé fídíò náà sí Drive, ẹ fi ìjápọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò yín.

Ohun kan tún wà tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n dá ímeèlì sílẹ̀ fún, torí náà a ní láti sọ fáìlì di lẹ́tà A, B, D kó tó rìn. Báìtì mẹ́ta ń di lẹ́tà mẹ́rin. Fáìlì mẹ́gábáìtì 15 á di 20, á sì tún lé díẹ̀ nítorí òpin ìlà. Ibi iṣẹ́ tí sáfà rẹ̀ fi òpin sí mẹ́gábáìtì 20 á dá a padà, ẹni tó fi ránṣẹ́ á sì máa bínú pé 15 ni fáìlì òun. Bí ẹ bá rí `552` àti `Message size exceeds fixed limit` nínú lẹ́tà tó padà wá, ìwọ̀n ló fà á, kì í ṣe àdírẹ́sì.

Atúmọ̀-èdè, Abẹ́òkúta:
Ẹ jẹ́ ká dé orí ohun tí a ń tẹ̀. Ìjápọ̀ ni Wikipedia Yorùbá ń lò, "ìjápọ̀ òde" ni wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ àyọkà, n kò sì rí ìdí tí a ó fi wá òmíràn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń dà mí láàmú. A máa ń kọ pé "fi fáìlì ránṣẹ́ pẹ̀lú ìjápọ̀", bẹ́ẹ̀ fáìlì kò kúrò níbi tó wà. Oníbàárà kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo rí ìjápọ̀, mo fi lẹ́tà rẹ̀ pamọ́, ọkàn mi balẹ̀ pé iṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi. Nígbà tí mo padà síbẹ̀, ó ti pa fáìlì náà rẹ́ kó lè rí ààyè fún nǹkan mìíràn. Bó bá jẹ́ àsomọ́ ni, tèmi ì bá wà lọ́wọ́ mi. Mo dábàá pé kí ìlànà kọ ọ́ báyìí: "Gbé fáìlì sí orí ayélujára, kí o sì fi ìjápọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́." Fún ẹni tó gbà á: "Gba fáìlì náà sílẹ̀ lónìí, kí o sì ṣí i wò."

Mo tún fẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì tó máa wọ inú zip. Àwọn ohun èlò zip àtijọ́ kì í ka ẹ, ọ, ṣ àti àmì orí wọn bó ṣe yẹ, orúkọ á sì yọ wúruwùru lọ́dọ̀ ẹni tó tú u. `ijala_01.wav` tó. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀ láàárín wa níbí, ṣùgbọ́n kí àmì ohùn wà nínú lẹ́tà àti nínú àkọsílẹ̀ tó bá ohùn náà wá.

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́:
Ìjápọ̀ ni ibi tí nǹkan méjì ti pàdé. Èyí tí ẹ ń ṣàlàyé yìí ń nawọ́ sí ibì kan ni, kò pàdé ẹnikẹ́ni. Ìtọ́ka ni èmi ì bá pè é. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ràn, n kò ní bá yín jà.

Ẹni tó ń tọ́jú àkójọ ohùn, Èkó:
Kò tíì sí ẹni tó dárúkọ ohun tó máa ń fa ẹjọ́ jù, ìyẹn ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti ṣí i. Bí a bá gbé fáìlì sí Drive, `Restricted` ló máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ ìjápọ̀ á rí `You need access`, á sì rò pé fáìlì ti sọnù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá sá lọ yan `Anyone with the link`. Ìyẹn á ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n á ṣí fún gbogbo ẹni tí ìjápọ̀ náà bá dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹkún ìyàwó tí ẹbí kan gbà kí ẹ gbọ́ kò yẹ kó bọ́ sí ìta bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ àdírẹ́sì ímeèlì yín sí i, kí wọ́n sì yan `Viewer`. Mo ń pe `Restricted` ní "àwọn tí a dárúkọ nìkan", torí bí a bá kọ "títìpa", wọ́n á rò pé kò sí ẹni tó lè wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀:
Mo gba ti zip, mo ti dán WAV kan wò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò tíì gba ìkápọ̀. "Wọ́n fún pọ̀ nínú ọkọ̀" la máa ń sọ, kò sì sí ẹni tó sọnù nínú wọn. Bí a bá kọ ìkápọ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ohun tí fóònù òun ń pè ní `Compress` la ń sọ? Ní ti ibi ìpamọ́, kí la ṣe sí "àwọsánmọ̀"?

Atúmọ̀-èdè, Abẹ́òkúta:
Àwọsánmọ̀ kò sọ ohunkóhun fún ẹni tí kò gbọ́ Òyìnbó. Orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni nǹkan wà, kò sí lókè. "Àká orí ayélujára" ni mo ń lò: a ń kó nǹkan sí àká, a sì ń kó o jáde.

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́:
Àká dára. Ṣùgbọ́n olóko ló ni àká rẹ̀. Ta ló ni èyí?

Olóòtú, Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ti kọ "kí o ká a pọ̀ (`Compress`)" síbi zip àti FLAC, mo kọ "kí o dín in kù" síbi MP3, mo sì fi kún un pé kí wọ́n má pa WAV rẹ́. Àká ṣì wà nínú ìwé náà títí tí ẹnìkan á fi dá Bàbá lóhùn. Àwọn ojúlé kan wà tí ìjápọ̀ wọn kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. "Ìjápọ̀ tó ti kú" ni mo kọ́kọ́ kọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kọ "kú" sí ẹ̀gbẹ́ ohùn àwọn arúgbó wa. Kí lẹ rí sí "ìjápọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé"?