CGPA 3.47, ọjọ́ orí 26 àti oṣù díẹ̀: ṣé kí n fi orúkọ sílẹ̀ àbí kí n gbàgbé ẹ̀?

Àdùkẹ́ Akáńtì
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí pọ́tà tó tì. Akáńtì ni mo kà, 2017 ni mo wọlé, ọdún mẹ́rin ló yẹ kó gbà mi àmọ́ ẹ mọ bí ASUU ṣe ṣe wá, oṣù mẹ́sàn-án ní 2020, oṣù mẹ́jọ ní 2022, ìgbà tó fi máa di pé a jáde 2023 ti dé. CGPA mi 3.47. Ẹ ti rí i, 3.50 ni 2:1 ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà 2:2 ló wà lára sátífíkéètì mi, èyí ṣì ń dùn mí. Mo ti sìnrú ìlú tán, ìwé NYSC wà lọ́wọ́.

Ibi méjì ló ń gba gírájúéètì tíréénì báyìí tó wù mí. Ọ̀kan jẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ́dítì l'Ékòó, wọ́n ní 2:1 ó kéré tán, kí èèyàn má sì ju ọdún 26 lọ ní 31 Disẹ́ńbà 2025. Èkejì jẹ́ báńkì, àwọn gba 2:2, àmọ́ wọ́n ní ẹni tí kò tíì pé 27 nìkan. Wọ́n bí mi ní 14 Fẹ́búárì 1999. Mo ti lé ní 26 dáadáa, ìyẹn ni mo fi rò pé ti ọ́dítì yẹn ti kọjá mi lẹ́ẹ̀mejì, kíláàsì kò tó, ọjọ́ orí ti pọ̀jù. Bọ̀dá mi nínú ilé ní kí n lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù kí n yọ ọdún méjì kúrò, kí n sì kọ 3.5 sínú fọ́ọ̀mù. Kí lẹ rí sí i?

Fẹ́mi Arẹ̀wà
Sístà mi, 26 àti oṣù mẹ́jọ mẹ́sàn-án ti ju 26 lọ, kò sí bí o ṣe fẹ́ kà á, kọ̀ǹpútà ni yóò kọ́kọ́ lé ẹ jáde kí èèyàn kankan tó rí orúkọ ẹ. Àmọ́ ti CGPA yẹn, 3.47 tí o bá sún un sókè 3.5 ni, ìṣirò ni, kì í ṣe irọ́. Kọ 3.5 kí o sì sùn. Tàbí kí o lọ ṣe másítà, másítà máa ń bo 2:2 mọ́lẹ̀.

Ìyá Tómi (Agbanisíṣẹ́)
Fẹ́mi, rọra. Mo ti ṣe iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ pẹ́, ìpolówó bí èyí tí Àdùkẹ́ ń sọ yìí èmi náà ti kọ ọ́ rí, nítorí náà ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ọjọ́ orí ni kí a kọ́kọ́ gbé kúrò ńlẹ̀. "Kò gbọdọ̀ ju 26 lọ ní 31 Disẹ́ńbà 2025", ohun tí a máa ń bi ara wa ni pé lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọjọ́ ìbí mélòó ló ti ṣe? Fẹ́búárì 2025 ló pé 26, Fẹ́búárì 2026 ni yóò pé 27. Ní 31 Disẹ́ńbà, ọmọ ọdún 26 ṣì ni. Oṣù mẹ́wàá tó lé lórí ẹ̀ kò sọ ọ́ di 27. Nítorí náà Àdùkẹ́ wọlé lórí ọjọ́ orí, kò sì sí ìdí tí ìwọ fi máa lọ búra nǹkan kan ní kóòtù. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé "kò gbọdọ̀ tíì pé 26" ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀ pátápátá, ìgbà yẹn o ti kọjá láti Fẹ́búárì. Gbólóhùn méjèèjì jọra lójú ẹni tó bá ń kánjú kà á, ọ̀pọ̀ ọmọ tó yẹ ló sì ń tipa bẹ́ẹ̀ yọ ara wọn kúrò.

Ti báńkì ló yẹ kó dà ẹ́ láàmú díẹ̀. "Kò tíì pé 27" láìsí ọjọ́ tí wọ́n fi ń kà á. Ọjọ́ tí o bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni àwọn kan ń wò, àwọn mìíràn ń wò ó lọ́jọ́ tí ìwé ìgbaniwọlé bá fẹ́ jáde. Tí wọ́n bá lọ títí di Máàṣì kí wọ́n tó pe yín, o ti pé 27. Kọ ímeèlì sí wọn kí o béèrè, ìbéèrè yẹn kò lè pa ẹ́ lára, kí o sì tọ́jú èsì tí wọ́n bá fún ẹ.

Ìyá Tómi (Agbanisíṣẹ́)
Mo ń bá a lọ. Ti CGPA. A kì í sún CGPA sókè o. Sẹ́nẹ́ètì ilé-ìwé ti pín kíláàsì, sátífíkéètì ẹ sì ti sọ ọ́. Fẹ́mi pè é ní ìṣirò, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ̀wé sí yunifásítì láti bi wọ́n, "Second Class Lower" ni wọ́n máa dá padà, wọn ò ní ṣàlàyé ìṣirò fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò dáa níbẹ̀ ni pé ìwádìí yẹn kì í sábàá ṣẹlẹ̀ kí o tó wọlé. O lè ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, o ti gba ilé sí ìtòsí ọ́fíìsì, kí èsì tó dé. Wọ́n á ní o purọ́ lórí fọ́ọ̀mù, wọ́n á sì lé ẹ, ìyẹn sì yàtọ̀ sí kí wọ́n má gbà ẹ́ rárá, torí ẹni tí wọn kò gbà lè padà wá ní ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ orí tí wọ́n bá búra sí náà, NIN ẹ ni yóò tú u, BVN ẹ náà wà ńbẹ̀, ọjọ́ ìbí ẹ wà lára méjèèjì, báńkì pàápàá kò ní wá a jìnnà.

Másítà: àwọn ìpolówó kan máa ń fi ọdún kan tàbí méjì kún ọjọ́ orí fún ẹni tó ní másítà. Ìyẹn jẹ́ òótọ́. Àmọ́ kíláàsì dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣì máa bi ẹ́ léèrè, kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀.

Gbọ́yèga Ìbàdàn
Ẹ jọ̀ọ́ kí n béèrè tèmi níbí torí ó jọ ọ́. UI ni mo ti jáde nígbà tí wọ́n ṣì ń ka CGPA nínú 7, tèmi jẹ́ 4.7, 2:1 ni. Pọ́tà kan ní kí n kọ CGPA "nínú 5". Tí mo bá kọ 4.7 wọ́n á rò pé fásìtì kíláàsì ni mo ní, tí mo bá sì pín in, 4.7 lọ́nà 7 ní ìgbà 5, ó di 3.36, wọ́n á ní 2:2 ni mí. Ọ̀nà méjèèjì irọ́ ni. Kí n ṣe kí ni?

Ìyá Tómi (Agbanisíṣẹ́)
Gbọ́yèga, kíláàsì tó wà lára sátífíkéètì ni kí o di mú, yan 2:1, kí o sì wá ibi tí o ti lè kọ ọ́ pé "4.7/7.0" sínú síífíì àti lẹ́tà ẹ. Tí àpótí yẹn kò bá gbà ju nọ́ńbà nínú 5 lọ, kọ ímeèlì sí wọn kí o tó fi ránṣẹ́. Má pín in fúnra ẹ o, àlà tí wọ́n fi ń ya kíláàsì nínú 7 kò bá ti inú 5 mu.

Ọmọ Aláṣọ
Gbogbo èyí tí ẹ ń sọ, ẹni tó ní èèyàn nínú ilé-iṣẹ́ ló ń wọlé. Sístà, wá èèyàn.

Àdùkẹ́ Akáńtì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an mà! Ti 26 yẹn ya mí lẹ́nu, mi ò kà á bẹ́ẹ̀ rárá. Mo ti ṣí fọ́ọ̀mù ọ́dítì yẹn báyìí, mi ò tíì fi ránṣẹ́. Níbi kíláàsì, wọ́n to First Class, Second Class Upper, Second Class Lower, Third Class sílẹ̀, kí n yan ọ̀kan. Ìbéèrè kan tún wà lẹ́yìn ẹ̀ pé ṣé mo ní ICAN tàbí mo ń ṣe é lọ́wọ́. Ìpele Skills ni mo wà, wọ́n yọ ìpele Foundation fún mi nítorí dìgírì akáńtì. Ṣé kí n yan Lower kí n sì fi ránṣẹ́?

Ìyá Tómi (Agbanisíṣẹ́)
Yan Lower kí o sì fi ránṣẹ́. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Pọ́tà tí kò fẹ́ rí 2:2 rárá kì í sábàá fi í sínú àwọn tí èèyàn lè yàn, tàbí tí o bá ti yàn án ó máa sọ fún ẹ lójú ẹsẹ̀ pé o kò yẹ. Tí ó bá gbà á tó sì jẹ́ kí o lọ sí ojú ewé tó kàn, a jẹ́ pé wọ́n ń kó orúkọ yín jọ, wọ́n máa wá ṣà á lẹ́yìn. Ìbéèrè ICAN tí wọ́n fi tẹ̀ lé e kò ṣàdédé wà níbẹ̀ lójú tèmi, àwọn ilé-iṣẹ́ ọ́dítì kan máa ń gbọ̀jẹ̀gẹ́ fún 2:2 tí ẹni náà bá ti lọ jìnnà nínú ICAN. Àmọ́ Skills kò tíì jìnnà o, mi ò ní tàn ẹ́. Ẹni tó ti parí Professional lọ̀rọ̀ ẹ̀ dá ṣáká.

Ṣadé Kọ́ntárátì
Mi ò gbà pẹ̀lú Ìyá Tómi níbí yìí, kí wọ́n má bínú. Kò sí nǹkan tó ń dunni bíi kí èèyàn máa retí ìpè oṣù mẹ́ta sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé 2:1. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti kọ̀ ẹ́, ó di ọdún kan kí ímeèlì yẹn tó lè tún wọlé. Tó bá jẹ́ pé ìdánwò ICAN Mèé tó ń bọ̀ ló fẹ́ fi parí Skills, kí ló dé tí kò ní dúró?

Èmi, 2:2 ni mo ní, báńkì ni mo gbà lọ, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ agbaniṣíṣẹ́ kọ́ńtárátì, mo wà lórí káńtà. Wọ́n ní a máa di òṣìṣẹ́ tiwọn gan-an lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn díẹ̀ dé ibẹ̀, àwọn tó pọ̀ kò dé ibẹ̀. Nítorí náà gírájúéètì tíréénì báńkì yẹn ni kí o lé, torí o yẹ fún un láìsí ẹ̀bẹ̀ kankan.

Ìyá Tómi (Agbanisíṣẹ́)
Ṣadé, tó bá dúró di Mèé 2026, ó ti pé 27, ìpolówó ọdún tó ń bọ̀ ti kọjá lórí ẹ̀. ICAN lè bá a wá ojú rere lórí kíláàsì, kò lè bá a yọ ọdún kúrò. Ọdún yìí nìkan ló ku fún un níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí o sọ nípa báńkì, mo fara mọ́ ọn, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ ṣe.

Fẹ́mi Arẹ̀wà
Ó dáa, mo ti gbọ́ ti 26 yẹn. Ti 3.5 ṣì ń jẹ mí lẹ́nu, 0.03 péré!

Àdùkẹ́ Akáńtì
Bọ̀dá Fẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀, 0.03 yẹn ti dùn mí tó. Mo ti fi ti báńkì ránṣẹ́, mo sì ti kọ ímeèlì béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi ń ka 27, wọn ò tíì fèsì. Ti ọ́dítì, Lower ni mo yàn, ó gbé mi lọ sójú ewé tó kàn, mo kọ ICAN Skills síbẹ̀, ó ní kí n wá gbé síífíì àti èsì WAEC wọlé. Alẹ́ yìí ni mo fẹ́ parí ẹ̀. Bọ̀dá mi ṣì ń bínú pé mi ò lọ kóòtù.

Gbọ́yèga Ìbàdàn
Kí o tó tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn, yẹ ọjọ́ ìbí ẹ wò nínú fọ́ọ̀mù yẹn. Àwọn pọ́tà kan ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́. Tìẹ kò lè dàrú torí kò sí oṣù kẹrìnlá, tèmi jẹ́ 3 Nòfẹ́ńbà, ó gbà á sí 11 Máàṣì, ó sì fi oṣù méje àti díẹ̀ kún ọjọ́ orí mi kí n tó rí i.