Iye owó inú fọ́ọ̀mù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò ṣeé rò pọ̀ nínú àtẹ ìnáwó ọdún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní ọ́fíìsì wa ní Àjàṣẹ́, èmi ni mo ń kó orúkọ ẹ̀kọ́, iye owó, ẹni tí yóò kọ́ni àti ẹni tó fọwọ́ sí i láti inú fọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ sínú àtẹ ìnáwó ọdún. Iye owó nìkan ló ń dà mí láàmú: «450.000» sefa di 450, «450 000» sì di ọ̀rọ̀ lásán tí SUM ń fò kọjá. Mo ti sọ òpó náà di Text kí n tó lẹ iye owó mọ́ ọn, mo sì lo èyí:

```
=VALUE(SUBSTITUTE(SUBSTITUTE(C2," ",""),".",""))
```

Èyí tó ní àmì ìdánudúró ti tọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ní àlàfo ṣì ń mú #VALUE! jáde, bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo fi ọwọ́ pa àlàfo kan rẹ́, ó di nọ́ńbà lójú ẹsẹ̀. Irú àlàfo wo nìyí, báwo sì ni mo ṣe lè mú un kúrò nínú gbogbo ìlà lẹ́ẹ̀kan náà?