Wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá lórí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́

Fọláṣadé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe alábòójútó nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀ tó máa ń pẹ́ dé, èmi ni mo sì máa ń bò ó láṣìírí tẹ́lẹ̀. Lónìí ó tún fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́, ó wá ṣẹ́jú sí mi. Gbogbo àwọn yòókù ń wò mí. Kí ni kí n ṣe?

Kúnlé: Le mọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti rí eyín rẹ, ó parí nìyẹn.

Àǹtí Bísí: Kúnlé, òótọ́ ni pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń bá wọn ṣeré lánàá, tó wá le lójijì, ìgbéraga ni wọ́n máa pè é. Ṣadé, pe ọ̀rẹ́ rẹ sí kọ̀rọ̀ kó tó lọ sílé lónìí. Má sọ pé "o máa ń pẹ́ jù", torí iyàn nìyẹn máa dá sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kó o sọ: "Aago méje ló yẹ kó o dé. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru kò lè lọ sílé títí o fi dé." Lẹ́yìn náà, dákẹ́ kó fèsì. Tó bá jẹ́ ọmọ tó ń gbé lọ síléèwé ló ń fà á, ẹ wò ó bóyá ẹ lè yí wákàtí rẹ̀ padà, kí ẹlòmíì tó bá nírú ìṣòro bẹ́ẹ̀ sì lè rí i gbà. Kó o wá sọ fún un pé o ò ní lè bò ó mọ́. Kọ ọjọ́ náà àtohun tẹ́ ẹ fẹnu kò sí sílẹ̀.

Dàpọ̀: Àgbàlagbà ni wàhálà tèmi o. Bọ̀dá kan tó jù mí lọ dáadáa, èmi ni mò ń pín iṣẹ́ fún un.

Àǹtí Bísí: Máa pè é ní Bọ̀dá lọ. Ṣùgbọ́n "Ẹ jọ̀ọ́ Bọ̀dá, yàrá mẹ́rin yìí ni tiyín lónìí" yàtọ̀ sí "Ṣé ẹ lè bá mi ṣe yàrá mẹ́rin yìí?" Èyí kejì, wọ́n lè kọ̀ ọ́. Tó o bá rí i pé ìwọ fúnra rẹ lò ń ṣe iṣẹ́ tó nira torí pé ojú ń tì ọ́ láti rán wọn, ó ti ń bà jẹ́ nìyẹn.

Fọláṣadé: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹnì kan tún wà tó bá mi du ipò yìí, kì í dáhùn ìkíni mi mọ́.

Àǹtí Bísí: Lọ bá òun nìkan. "Mo mọ̀ pé ìwọ náà fẹ́ ipò yìí." Má tọrọ àforíjì, má sì fi iṣẹ́ tó rọrùn bẹ̀ ẹ́. Béèrè apá iṣẹ́ tó mọ̀ jù ẹ́ lọ, kó o sì jẹ́ kó máa darí rẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó yọ́.

Kúnlé: Kí Ṣadé kúrò nínú gúrúùpù Wọ́sáàpù àwọn òṣìṣẹ́ yẹn pẹ̀lú.

Àǹtí Bísí: Èmi kúrò nínú tèmi, mo sọ fún wọn kí n tó lọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ráhùn nípa àwọn ọ̀gá.

Dàpọ̀: Èmi ò kúrò o, ìgbà tí mo dákẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ṣí òmíràn láìsí mi.

Fọláṣadé: Màá bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ lónìí. Ti gúrúùpù yẹn, mi ò tíì mọ̀.