Índẹ́sì ń gòkè, ṣíà tèmi ń sọ̀kalẹ̀: ta ló ń parọ́?

Ọmọ Ṣàpọ́n (Lọ́ńdọ̀nù, mo wà nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì)
Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará wa. Mo jókòó sí Òkè-Ìléwó lọ́dọ̀ bàbá mi, mo ń wo fóònù. Wọ́n ní S&P 500, índẹ́sì tó ń ṣírò ilé iṣẹ́ ńlá bíi 500 ní Amẹ́ríkà, tún ti ga ju ibi tó dé rí lọ. Mo ṣí àpò tèmi: ṣíà ilé iṣẹ́ 12 ni mo ní níbẹ̀, 9 nínú wọn ló ti já wálẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Bàbá náà mú ìwé búróókà wọn jáde, wọ́n ní ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí tàwọn lọ́jà ti ilé níbí. Ṣé èmi ni mi ò mọ nǹkan rà ni, àbí índẹ́sì yẹn ń parọ́?

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀ (Toronto)
Àbúrò, kò parọ́. Ohun tí ò ń bi í kọ́ ló ń dáhùn. Bí ilé iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń rinlẹ̀ tó nínú índẹ́sì yẹn. Jẹ́ ká fi ọjà kékeré kan wò ó. Ilé iṣẹ́ márùn-ún péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan tóbi, òun nìkan kó 60 nínú 100 náírà tí gbogbo wọn tó. Mẹ́rin tó kù ní 10, 10. Lónìí, ńlá yẹn fi 4% gòkè, ó mú 2.40 wọlé. Àwọn mẹ́rin yòókù fi 2% sọ̀kalẹ̀, gbogbo wọn pọ̀ gbé 0.80 lọ. Índẹ́sì á ní ọjà gòkè pẹ̀lú 1.6%. Bẹ́ẹ̀, nínú ilé márùn-ún, ilé mẹ́rin ló ń sunkún.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ka orí dípò owó. Alaalẹ́, wọ́n á ka iye ṣíà tó gòkè, wọ́n á yọ iye tó sọ̀kalẹ̀ kúrò níbẹ̀, wọ́n á sì fi ìyókù kún ti àná. Ohun tó ń jáde ni wọ́n ń pè ní ìlà AD, ìyẹn ìlà agòkè àti asọ̀kalẹ̀:

```
AD_oni = AD_ana + (agoke - asokale)
```

Nínú ọjà kékeré wa yẹn, 1 yọ 4 jẹ́ −3. Bí ọjọ́ márùn-ún bá rí bẹ́ẹ̀, índẹ́sì á ti fi bíi 8% gòkè, ìlà yìí á sì ti já sí −15. Iye tó wà lórí ìlà náà fúnra rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan, torí ibi tó bá wu èèyàn ló ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohun tí à ń wò ni pé: nígbà tí índẹ́sì dé òkè tuntun, ṣé ìlà náà dé òkè tuntun?

Ọmọ Láfẹ́nwá (Abẹ́òkúta, ọ́fíìsì búróókà)
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán. Ẹ rántí Ìtokú. Bí ìyá olówó kan bá ta báàlì àdìrẹ márùn-ún fún oníbàárà tó ti Èkó wá, owó tó wọ ọjà lọ́jọ́ náà á pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ẹ ó bá àwọn tí kò tíì rí owó àárọ̀ gbà. Índẹ́sì ń ka owó, ìlà ń ka ìsọ̀.

Akin (Dallas)
Ó ti yé mi tipẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò le: bí índẹ́sì bá gòkè tí ìlà kò bá a lọ, tà, kí o sá. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí ọjà tó wó ní 2000 nìyẹn.

Ìyá Ìbejì (Houston)
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìlà yìí lè sọ bí dọ́là ṣe máa rí lọ́jọ́ Jímọ̀? Mo fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń mọlé fún mi ní Ọbantókò, mi ò fẹ́ rán an lónìí kó wá wọ́n lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀
Rárá o, Ìyá Ìbejì, ìlà yìí ò mọ dọ́là rí. Ẹ bá oníṣẹ́ yín sọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì.

Akin, ìdajì òótọ́ lo sọ. Ní oṣù Kẹrin 1998 ni ìlà ti New York dé òkè rẹ̀ tó sì yí padà. S&P 500 wà ní bíi 1,120 nígbà yẹn. Ìlà ń já bọ̀, índẹ́sì náà ṣubú nígbà òjò ọdún yẹn, ló bá tún dìde, ó ń gòkè lọ títí di 24 oṣù Kẹta 2000, ó parí ọjọ́ náà ní 1,527. Ẹni tó tà lọ́jọ́ tí ìlà kọ́kọ́ yí padà jókòó fún ọdún méjì ó dín oṣù kan, ó ń wo èrè tó lé ní ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Èmi mọ ẹnì kan tí kò lè fara dà á. Ó padà rà ní ìgbẹ̀yìn 1999. Àwa tá a mọ̀ ọ́n kì í dárúkọ ọdún yẹn níwájú rẹ̀.

Ní 2007 ẹ̀wẹ̀, ìlà dé òkè ní oṣù Kẹfà, índẹ́sì dé tirẹ̀ ní 9 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́rin péré. Àmọ́ ní 2020 ìlà ò kìlọ̀ rárá: òun àti índẹ́sì jọ gòkè wọ oṣù Kejì ni, ọwọ́ kan. Láti 19 oṣù Kejì sí 23 oṣù Kẹta, S&P 500 já láti 3,386 sí 2,237. Kò sí ìlà tó lè rí àrùn tó ń bọ̀.

Akin (Dallas)
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ti sọ pé ó kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta. Èmi á gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀
Mẹ́ta tí mo mú wá lo kà. Ìgbà tó kìlọ̀ tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo 2023. S&P 500 fi bíi 24% gòkè, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan náà, bíi ìdajì ìyẹn ni. Ilé iṣẹ́ ńlá méje ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Ọ̀pọ̀ ló ní ọjà máa wó. Kò wó. Ní oṣù méjì tó gbẹ̀yìn ọdún ni àwọn kékeré tó ti ń fà sẹ́yìn wá dìde bá wọn.

Ọmọ Láfẹ́nwá
Nílé níbí, ẹ ṣọ́ra fún ohun mìíràn. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ṣíà lè fi gòkè tàbí fi sọ̀kalẹ̀ mọ lóòjọ́, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í mira rárá. Ká ní 30 gòkè, 20 sọ̀kalẹ̀, 90 dúró sójú kan. +10 yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ọjà sùn ni. Bẹ́ẹ̀ Airtel Africa tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé, bí òun nìkan bá gòkè, gbogbo índẹ́sì ń yí, àti pé àwọn tó ń tà á lójúmọ́ ò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí bàbá wo iye tó dúró pẹ̀lú.

Ọmọ Ṣàpọ́n
Mo rí `$NYAD`, ti ọjà New York, lórí StockCharts, mo yan Cumulative kó lè máa ro ti ojoojúmọ́ pọ̀ di ìlà. Ó ń gòkè! Ó tún ta ko ṣíà tèmi.

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀
Háà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kà ní New York. Àpò bọ́ǹdì tí wọ́n ń tà bíi ṣíà wà níbẹ̀, ṣíà oní-èrè-kan-náà wà níbẹ̀. Bí èlé bá ń lọ sílẹ̀, gbogbo wọn á gòkè, wọ́n á gbé ìlà sókè, ilé iṣẹ́ gidi ò sì lọ́wọ́ sí i. Ti Nasdaq ní àbùkù òdìkejì: àwọn kékeré tó ń wọlé tí wọ́n ń kú níbẹ̀ pọ̀, ìlà rẹ̀ sábà máa ń já, kódà nígbà tí ọjà dára. Wo `$SPXA200R`. Òun ń sọ mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ S&P 500 tí iye ṣíà wọn lónìí ga ju àárín iye rẹ̀ fún ọjọ́ 200 sẹ́yìn lọ. Kò sí bọ́ǹdì níbẹ̀. Tí índẹ́sì bá dé òkè tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí iye yìí sì ń kéré sí i nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni èmi máa ń kà sí ọ̀rọ̀.

Ọmọ Ṣàpọ́n
Mo ka 12 tèmi báyìí. 4 ló wà lókè àárín ọjọ́ 200. Mi ò tà o, ṣùgbọ́n mi ò fi kọ́bọ̀ kún un lóṣù yìí. Bàbá ní kí n bi yín: oṣù mélòó ni ìlà gbọ́dọ̀ fi ta ko índẹ́sì kí èèyàn tó gbà á gbọ́?

Akin (Dallas)
Mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀
Sọ fún bàbá pé 23 ni ní ìgbà kan, 4 ni ní ìgbà mìíràn. Kí wọ́n má tíì ta ti ilé, kí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó dúró.