Jíà ẹ̀rọ ìpò ìyẹ̀fun, eyín 18 àti 45: mọ́júùlù wo ni kí n sọ fún ẹni tó fẹ́ gé e?

Oníbúrẹ́dì Mọ́níyà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Jíà kékeré inú ẹ̀rọ tí a fi ń po ìyẹ̀fun ti já eyín mẹ́ta. Eyín 18 ló ní, ńlá tó ń yí sì ní 45. Mo fi fáníà wọ̀n wọ́n láti orí eyín kan dé orí èyí tó kọjú sí i. Kékeré jẹ́ mílímítà 60, ńlá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 141. Ẹni tó fẹ́ gé tuntun ní Géètì ń bèèrè mọ́júùlù, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí eyín ṣe tóbi tó. Ó tún ní kí n wo bí eyín ṣe ń fara kan ara wọn, torí ẹ̀rọ náà ti ń pariwo gan-an kó tó já. Báwo la ṣe ń ṣírò ìwọ̀nyí?

Ọmọ Bẹẹrẹ
Kò le rárá. Pín ìbú òde sí iye eyín. 60 tí a bá pín sí ọ̀nà 18 jẹ́ 3.33. Sọ fún un pé kó lo 3.25 tàbí 3.5, èyí tó bá ní lọ́wọ́.

Lẹ́ẹ̀tì Agodi
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gé e bẹ́ẹ̀. Ìbú òde ní orí eyín nínú. Orí eyín máa ń ga ju ìlà píìṣì, ìyẹn ibi tí jíà méjèèjì ti ń pàdé, lọ ní mọ́júùlù kan, ó sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi 2 kún iye eyín ká tó pín. 60 sí ọ̀nà 20 jẹ́ 3 gééré. Ẹ fi ńlá dán an wò: 141 sí ọ̀nà 47, 3 náà ni. Bí méjèèjì bá ti dọ́gba báyìí, ọkàn èèyàn á balẹ̀.

Ìbú píìṣì ni ẹ máa wá fi mọ́júùlù àti eyín ṣe. 3 lọ́nà 18 jẹ́ 54, 3 lọ́nà 45 jẹ́ 135. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí méjì, ó di 94.5. Bí wọ́n bá gbẹ́ ilé bíárìn dáadáa, ìyẹn ló yẹ kó wà láti àárín gbùngbùn ṣáàfù kan dé ti èkejì. Jíjìn eyín tí kọ́tà máa wọ̀ jẹ́ 2.25 lọ́nà 3, ìyẹn 6.75. Kọ́tà tí wọ́n ṣe fún eyín 17 sí 20 ni kó mú.

"Fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 141" tí ẹ rí yẹn kò yà mí lẹ́nu. 45 kì í ṣe iye tó ṣeé pín sí méjì, nítorí náà kò sí eyín tó kọjú sí eyín gan-an. Bí 0.1 mílímítà ló máa ń dín lórí fáníà.

Ẹ̀gbọ́n Mílíìnì
Òótọ́ lẹ́ sọ, ṣùgbọ́n orí eyín tó ti jẹ lè tan èèyàn. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá máa ń lo DP, ìyẹn iye eyín fún ínṣì kan ìbú píìṣì. DP 8 jẹ́ mọ́júùlù 3.175, ó sì sún mọ́ 3, nítorí náà bí orí eyín bá ti jẹ púpọ̀, ìbú òde nìkan lè ṣini lọ́nà. Jíà mọ́júùlù 3 àti ti DP 8 kò sì lè bára wọn ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ohun tí kì í purọ́ ni kí ẹ fi ẹnu fáníà gbá eyín méjì mú, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá gbá mẹ́ta mú. Níbi tí kò já ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n o. Fún eyín 18, mọ́júùlù 3, tí igun títì rẹ̀, ìyẹn igun tí eyín kan fi ń ti èkejì, jẹ́ 20°, ẹ ó rí 14.04 àti 22.90. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 8.86. Bí ẹ̀gbẹ́ eyín bá jẹ, méjèèjì á jọ dín kù, ìyàtọ̀ náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí. Bí ẹ bá rí 9.12, mọ́júùlù 3 náà ni, àmọ́ igun 14.5° ni. Bí ó bá jẹ́ 9.37, DP 8 nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sango
Ní ti ìfarakanra, 45 pín sí ọ̀nà 18 jẹ́ 2.5. Ó ti tó.

Lẹ́ẹ̀tì Agodi
Àbúrò, iye ìgbà tí kékeré máa yí kí ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan lo ṣírò yẹn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, eyín mélòó ló jọ ń gbé ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ wò ó:

```
√(30² − 25.37²)    = 16.01
√(70.5² − 63.43²)  = 30.77
94.5 × sin 20°     = 32.32
π × 3 × cos 20°    = 8.86
(16.01 + 30.77 − 32.32) / 8.86 = 1.63
```

30 àti 70.5 jẹ́ ìdajì ìbú òde. 25.37 àti 63.43 ni ìdajì ìbú píìṣì tí a fi cos 20° sọ di púpọ̀. 8.86 yẹn náà ni ìyàtọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ní kí a fi fáníà wá. Ìtumọ̀ 1.63 ni pé, nínú ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, eyín méjì méjì ló ń gbé ẹrù ní bí 63, ẹyọ kan ló sì ń dá a gbé ní ìyókù. Bí ó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ 1.2, mi ò ní fọwọ́ sí i. Bí ó bá wọ ìsàlẹ̀ 1, eyín kan á ti fi ẹrù sílẹ̀ kí èkejì tó gbà á.

Ẹ dákun, ẹ wọn àárín ṣáàfù méjèèjì gan-an. Ẹ má lo 94.5 tí mo ṣírò.

Oníbúrẹ́dì Mọ́níyà
Láti ẹ̀yìn ṣáàfù kan dé ẹ̀yìn èkejì jẹ́ 130.5. Ọ̀kan nípọn ní 30, èkejì 40. Ìyàtọ̀ eyín méjì àti mẹ́ta jẹ́ 8.85.

Lẹ́ẹ̀tì Agodi
Mọ́júùlù 3, igun 20°, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Àmọ́ ẹ yọ 15 àti 20 kúrò nínú 130.5, ó ku 95.5. Ṣáàfù yín ti fi mílímítà kan jìnnà síra. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń wá. Igun títì kì í ṣe 20° mọ́, ó ti di bí 21.6°, nítorí náà òǹkà kẹta di 35.14. Èsì wá jẹ́ 1.31. Bí ó bá tún fi mílímítà kan sí i, 1.02 ló máa kù. Àlàfo ẹ̀yìn eyín pẹ̀lú ti fi bí 0.7 pọ̀ sí i, òun ló ń gbá gbàgà nígbà tí ìyẹ̀fun bá le.

Ọmọ Bẹẹrẹ
Mo gbà pé mo ṣì í lókè. Ṣé wọn ò kúkú lè gé kékeré tuntun kó tóbi díẹ̀, kó dí àlàfo náà?

Ẹ̀gbọ́n Mílíìnì
Ó ṣeé ṣe. Kí ìbú òde jẹ́ bí 62.1 dípò 60, kí kọ́tà sì jìnnà sí àárín gbùngbùn jíà ní bí mílímítà kan sí i. Ìfarakanra á padà sí bí 1.5. Ẹ fi àlàfo bíńtín sílẹ̀ fún gíríìsì. Ẹ̀rọ tó ń yí jíà bó ṣe ń gé e ló lè ṣe é dáadáa. Kọ́tà pẹlẹbẹ lórí mílíìnì kò ní mú ìrísí eyín náà jáde bó ṣe yẹ.

Lẹ́ẹ̀tì Agodi
Èmi ò fara mọ́ ọn. Ilé bíárìn ni kí wọ́n tún gbẹ́, kí wọ́n fi búṣì sí i, kó padà sí 94.5. Bí ihò náà bá ṣì ń jẹ, jíà tó tóbi sí i yẹn á tún di aláriwo.

Ẹ̀gbọ́n Mílíìnì
Bí ihò bá ti di ẹyin, ẹ̀yin lẹ jàre. Bí ó bá ṣì rí róbótó, a jẹ́ pé ẹni tó gbẹ́ ẹ níjọ́sí ló ṣì í, kò sì ní jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n ní òró àti ní ìbú ká tó ná owó sí èyíkéyìí.

Oníbúrẹ́dì Mọ́níyà
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn òpin kejì ṣáàfù náà. 130.1 ló wà níbẹ̀. N óò tú bíárìn náà lọ́la.