Ọmọ tí kò bá mi lọ sí Kánádà: ṣé kí n kọ orúkọ rẹ̀?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ ǹlẹ́ níbí o. Ìpè Express Entry ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó ku kí n kọ fọ́ọ̀mù ìgbéèlú. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa méjì là ń lọ. Ṣùgbọ́n mo bí ọmọbìnrin kan kí n tó gbéyàwó. Ọmọ ọdún 16 ni, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà ní Iléṣà. Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tó ń bá mi ṣe ìwé ní kí n fo orúkọ rẹ̀, nítorí kò bá wa lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Tóbi
Má fò ó o! Kọ orúkọ rẹ̀, kí o sì sọ pé kò bá yín lọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò ọ̀dọ̀ dókítà kò kan ọmọ tí kò rìnrìn àjò.

Bọ̀dá Winnipeg
Ìyá Tóbi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ti dókítà yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Àbúrò, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 22, tí kò sì ní ọkọ tàbí aya, ọmọ rẹ ni lójú òfin Kánádà, ibi yòówù kó máa gbé. Kọ ọ́, kí o mú "Non-accompanying" fún un. Lẹ́yìn náà, òun náà gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ìjọba Kánádà fọwọ́ sí, bí àwọn tó ń bá ọ lọ ṣe máa lọ. Ká ní ó ti pé ọdún 18 ni, wọn ì bá béèrè ìwé ọlọ́pàá rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí o bá gba ìwé ìgbéèlú Kánádà láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, láìsí àyẹ̀wò rẹ̀, òfin ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹbí tí o lè pè wá. Lọ́dún méjì sí i, bí ìyá rẹ̀ bá ní kó wá bá ọ, ọ̀nà yẹn ti dí. Wọ́n sì lè pè é ní irọ́ pípa: ọdún 5 ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá purọ́, wọ́n sì lè gba ìwé ìgbéèlú ẹni tó ti wọlé.

Wo owó rẹ náà. Ẹni márùn-ún lẹ jẹ́ nínú ìṣirò owó ìgbéèlú, ẹ kì í ṣe mẹ́rin, bí kò tilẹ̀ bá yín lọ. Bí owó inú báǹkì rẹ kò bá tó ti ẹni márùn-ún, ó sàn kí o dá ìpè yìí padà, kí o tún prófáìlì ṣe, kí o sì dúró de òmíràn. Ọmọ kò dín máàkì rẹ kù.

Àǹtí Brampton
Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi gan-an nìyí. Ẹni tó bá a kọ̀wé ní kó fi ọmọkùnrin rẹ̀ sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tí a wá fẹ́ mú ọmọ náà wá, wọ́n kọ̀ ọ́. A gbọ́ pé ìjọba ṣe àánú kan ní 2019 fún àwọn tí kò dárúkọ ẹbí wọn, inú wa dùn. Àṣé àwọn asásálà, àti àwọn tí ọkọ, aya tàbí òbí pè wọlé, ni wọ́n ṣe é fún. Express Entry lọkọ mi bá wọlé. Mo ṣì ń sunkún ọ̀rọ̀ yìí.

Alákẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ńkọ́? Èmi ni mò ń bọ́ wọn, ọmọ àbúrò mi náà sì wà lọ́dọ̀ mi láti kékeré.

Bọ̀dá Winnipeg
Alákẹ́, àwọn méjèèjì kò wọ ibẹ̀, bí o tilẹ̀ ń bọ́ wọn. Ibi tí wọ́n ti béèrè òbí ni o máa kọ ìyá rẹ sí. Ti ọmọ àbúrò rẹ, àfi bí o bá ti gbà á ṣọmọ nílé ẹjọ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an. Mo pe ìyá rẹ̀ lánàá. Kò fẹ́ kí ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà kankan, ó rò pé mo fẹ́ gbé e sá lọ ni.

Ìyá Tóbi
Nígbà náà, kọ lẹ́tà ìbúra nílé ẹjọ́ pé ìyá rẹ̀ kọ̀. Wọ́n á gbà á.

Bọ̀dá Winnipeg
Wọ́n lè gbà á, wọ́n sì lè má gbà á. Ọwọ́ ẹni tó ń wo fáìlì ló wà. Bí wọ́n bá gbà á, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí i pé o mọ̀ pé o lè má rí ọmọ yìí pè wá láéláé. Pa gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì kọ síra yín mọ́. Ṣùgbọ́n gbìyànjú sí i ná: jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí "Non-accompanying" tí o mú, kí òun fúnra rẹ̀ sì mú ọmọ lọ. Orúkọ ta ló wà níbi bàbá nínú ìwé ìbí rẹ̀?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Orúkọ mi ni, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́.

Bọ̀dá Winnipeg
Ìyẹn kò burú. Bó ṣe wà nínú ìwé ìbí ni kí o kọ ọ́, má ṣe fi orúkọ ìdílé rẹ rọ́pò rẹ̀. Ká ní orúkọ rẹ kò sí níbẹ̀ ni, wọ́n lè ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bàbá.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Mo máa lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Màá gbé kọ̀ǹpútà dání kó lè rí i.