Fílájìlì ló gbé iye wa ga: ìrírí mi nídìí àgékúrú pósítà

Apòògùn Òkè-Àdó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìwòsàn ìjọba kan níhìn-ín ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A yẹ káàdì àwọn aláìsàn wò láti mọ irú áńtíbáyọ́tíìkì tí àwọn dókítà ń kọ, mo sì ń kọ àgékúrú rẹ̀ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ fún pósítà àpérò. Ọ̀rọ̀ 250 péré ni wọ́n fún wa láyè, nítorí náà gbólóhùn bíi mélòó kan ló máa gbé gbogbo àbájáde. Ọ̀gá mi fẹ́ kí n kọ ọ́ pé a ti dé ojú ìwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé. Mi ò gbà.

N kò ní gbé iye tiwa gan-an síta kí àpérò tó wáyé. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní aláìsàn 120 la yẹ̀ wò, tí 90 gba áńtíbáyọ́tíìkì, tí oògùn tí wọ́n kọ fún wọn sì jẹ́ 150: sẹfitiráásóònù 60, Fílájìlì 50, amọkisílìnì 40. Nínú AWaRe, ìpínsísọ̀rí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún áńtíbáyọ́tíìkì, amọkisílìnì àti Fílájìlì wà lára àwọn tí a máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Sẹfitiráásóònù wà lára àwọn tí à ń ṣọ́ lò, kí kòkòrò má bàa borí rẹ̀. 50 àti 40 jẹ́ 90, ìyẹn ìdá 60 nínú 100. Ojú ìwọ̀n Àjọ náà nìyẹn, pé kí àwọn tí a máa kọ́kọ́ nawọ́ sí tó ìdá 60, ó kéré tán.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí káàdì wò. Fílájìlì yẹn kì í dá rìn. Sẹfitiráásóònù 1 g lókè, Fílájìlì 500 mg nísàlẹ̀ rẹ̀, ìkọ̀wé kan náà, káàdì lẹ́yìn káàdì, títí kan àwọn tí ikọ́ àyà gbé wá, tí wọn ò nílò Fílájìlì rárá. Ká wá ní a yọ 30 tí kò nídìí kúrò. Oògùn ku 120, àwọn tí a máa kọ́kọ́ nawọ́ sí ku 60. Ó di ìdá 50. Àwọn dókítà kọ oògùn dáadáa sí i, iye wa wá já wálẹ̀! Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé iye aláìsàn tó gba sẹfitiráásóònù ṣáájú, tí mo sì fi ìdá AWaRe sẹ́yìn pẹ̀lú àlàyé yìí.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Ẹ ṣeun tí ẹ ń yẹ owó oògùn wò. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbé àwọn ìbejì mi, ọjọ́ 5 ni mo fi ń ra abẹ́rẹ́. Owó náà ga ju ara lọ.

Apòògùn Òkè-Àdó
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú ewu ọmọ. Owó kọ́ la yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kan iṣẹ́ wa. Bí kò bá sí àìsàn kòkòrò lára ìyá tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sábà máa ń gún un, láàárín wákàtí kan kí abẹ tó kàn án. Èmi ò mọ ohun tí dókítà yín rí o. Mo ya irú káàdì bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, torí ìdènà àìsàn ni, kì í ṣe ìtọ́jú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń fi ara yín wọlẹ̀. Ìdá 60 ni wọ́n ní, ẹ sì ti yege. Láti 2024 ni wọ́n ti gbé e sí 70, ẹ tètè gbé e jáde kí wọ́n tó ní ẹ kùnà.

Dókítà Àgbà, Ìdí-Àpẹ
Àbúrò, o ò parọ́ nípa 60 àti 70. Ọdún 2030 ni wọ́n dá fún 70 náà. Àmọ́ oògùn tí odindi orílẹ̀-èdè tàbí gbogbo àgbáyé ń lò ni wọ́n fi ń wọ̀n, kì í ṣe wọ́ọ̀dù kan, àti pé bí oògùn ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń kà, kì í ṣe iye ìgbà tí orúkọ rẹ̀ wà lórí káàdì. Kì í ṣe máàkì ìdánwò fún ilé ìwòsàn kan. Apòògùn, báwo lẹ ṣe ṣe àwọn káàdì tí wọn ò kọ ìdí oògùn sí?

Apòògùn Òkè-Àdó
Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí, sà. Òmíràn kàn kọ «ibà», ó tán. Mo fi wọ́n sábẹ́ «kò sí ìdí lákọsílẹ̀», mi ò pè wọ́n ní àṣìlò.

Dókítà Àgbà, Ìdí-Àpẹ
Ẹni tí kò kọ nǹkan kan á wá bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Èmi á kà á sí ìkùnà, torí kíkọ ìdí oògùn wà lára ohun tí à ń yẹ̀ wò.

Apòògùn Òkè-Àdó
Àmọ́ sà, bí mo bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ ìkùnà, ẹni tó bá ka pósítà á rò pé gbogbo wọn ni kò yẹ kó gba oògùn. Káàdì kò sọ bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn
Ẹ kọ méjèèjì.

Apòògùn Òkè-Àdó
Nínú ọ̀rọ̀ 250? Mo ṣì ń wá gbólóhùn tí mo lè yọ.